Ta Ló Ń Yá Ta Lówó?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ ò ní ṣàì ti rí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rí. Ó máa ń wọ inú gúrúpù Wọ́sáàpù ẹ̀ka wa ní ọ̀sẹ̀ tí gbèdéke owó iléèwé bá ku díẹ̀, nígbà tí kálukú ń wá ẹni tó máa bá òun fi díẹ̀ kún ti ọwọ́ òun. Wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ kan ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, láti ₦50,000 títí dé ₦500,000. Wọn ò béèrè oníduúró, wọn ò béèrè dúkìá, èlé rẹ̀ ò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, owó á sì wọlé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nọ́ńbà fóònù kan á wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi rẹ́rìn-ín, a ó sì kọjá lọ. Ọ̀kan nínú wa ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó pe nọ́ńbà náà.

Ó ti gbà pé kí a sọ ọ́, bí a kò bá sáà ti dárúkọ òun. Òun ló kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ ń kà yìí, àwọn ibi tí a ti ṣi owó kà, òun ló tún un ṣe.

Ohun tó ń wá ni ₦200,000. Owó iléèwé ṣẹ́kù sọ́rùn, lánlọ́ọ̀dù sì ti kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó dá a lóhùn bọ̀wọ̀ fún un gan-an. "Ẹ kú ọ̀sán, àǹtí mi," ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń kọ gbólóhùn tó mọ́ bíi ti òṣìṣẹ́ báńkì. Ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ọ̀rẹ́ wa kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, BVN àti NIN rẹ̀. Wọ́n ní kó ya fọ́tò ara rẹ̀ níbi tó ti gbé káàdì ìdánimọ̀ iléèwé sí ẹ̀gbẹ́ ojú. Ó yà á. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èsì fi dé pé wọ́n ti fọwọ́ sí i: ₦200,000, tí yóò san padà láàárín oṣù mẹ́wàá. Wọ́n fi ìwé kan tì í, tó ní òǹtẹ̀ pupa àti ibi tí ẹnì kan ti buwọ́ lù ú. Ọ̀rẹ́ wa ní òun dọ̀bálẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ ṣàkíyèsí pé títí di àkókò yìí, kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ owó tí òun gan-an máa san. Lẹ́yìn tí ọkàn rẹ̀ ti ná ₦200,000 tán, tó ti ka ti iléèwé sọ́tọ̀, tó ti ka ti lánlọ́ọ̀dù sọ́tọ̀, ni ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù wọlé. Wọ́n ní ₦3,500 ni owó fọ́ọ̀mù. Ó sọ fún wa pé ₦3,500 ò tó ohun tó yẹ kí èèyàn bá ara rẹ̀ jiyàn lé lórí. Ó san án.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n ní ó ku owó ìbánigbófò, ₦7,500, kí gbèsè náà má baà di ti àwọn òbí rẹ̀ bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí i. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi san èyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ tó dà bí ojú ìwé báńkì lórí fóònù: orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ₦200,000 wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé owó náà ń dúró de àṣẹ. Àṣẹ ọ̀hún á ná an ní ₦12,000. Ó yá èyí lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní ó ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀ nínú nọ́ńbà àkáǹtì tó kọ sí fọ́ọ̀mù, owó náà ti há sójú ọ̀nà, ₦18,500 ni wọ́n sì máa fi tú u sílẹ̀. Ó ní òun ò ṣi í tẹ̀. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù náà hàn án, lóòótọ́, nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn ti yí láti 4 sí 9. Kò rántí pé ọwọ́ wọn ni fọ́ọ̀mù náà wà láti ọjọ́ kìíní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ń jà á lólè.

₦18,500 yẹn, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òun ni akápò kíláàsì wọn, owó tí wọ́n dá fún ìwé tí olùkọ́ ní kí wọ́n tẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mú un níbẹ̀. Ó ní òun máa dá a padà kó tó di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ₦200,000 bá wọlé.

Nígbà tí wọ́n béèrè ₦25,000 lọ́jọ́ kẹrin fún owó orí ìjọba, kò rí ibi tí ó tún lè mú owó. Ìgbà yẹn ló wá bá wa. Ohun tó sì bi wá ni bóyá a lè yá òun ní ₦25,000. Kò tíì sọ pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì.

A ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìwé. ₦3,500, ₦7,500, ₦12,000, ₦18,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦41,500. Ó ti jẹ gbèsè tòótọ́, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ àti lọ́dọ̀ kíláàsì rẹ̀, lórí owó tí ẹnikẹ́ni ò yá a.

Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn wa ní ojúkòkòrò ni. A ò gbà. Ẹni tó ń wá owó iléèwé, tó sì ṣe tán láti san án padà pẹ̀lú èlé, kí ló ṣe ojúkòkòrò? Àwọn míì ní kò gbọ́n. Èyí náà kọ́. Bí wọ́n bá ti béèrè ₦41,500 lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ kìíní, ì bá ti pa fóònù. Gbogbo ọgbọ́n àwọn gbájúẹ̀ yìí wà nínú bí wọ́n ṣe pín in. Nígbà tí wọ́n ń béèrè ₦18,500, ohun tó wà lórí òṣùwọ̀n rẹ̀ ni ₦18,500 ní apá kan, àti ₦200,000 pẹ̀lú ₦23,000 tó ti lọ ní apá kejì. Bó bá dúró, ₦23,000 ti ṣòfò nìyẹn. Bó bá fi díẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ á padà bọ̀ sípò. Owó tó ti san ni wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ti àkọ́kọ́ fi máa ń kéré. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kó ṣáà ti ní ohun tó ń bẹ̀rù àtipàdánù.

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ayé ń fúnni lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí èèyàn má sanwó kó tó gba owó tó fẹ́ yá. Ìmọ̀ràn rere ni. Àmọ́ nígbà tí a sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ wa, èsì tó fún wa pa wá lẹ́nu mọ́. Ó ní: "Màmá mi náà sanwó kí wọ́n tó yá wọn ní tiwọn."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Èwo nínú àwọn ìyá wa lọ́jà ni kò ra fọ́ọ̀mù rí, tí kò ra ìwé kékeré tí wọ́n fi ń kọ owó sílẹ̀, tí kò kọ́kọ́ fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní gbómú-lé-láńtà kí wọ́n tó fún un ní owó òwò? Ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni tí kò tíì dá owó kankan sílẹ̀ ò ní ẹnu láti tọrọ ẹ̀yáwó. Nílé tí wọ́n ti tọ́ púpọ̀ nínú wa, kí èèyàn mú owó wá kó tó gba owó kì í ṣe ohun àjèjì. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ ti rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. A rò pé ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn náà fi ń gba etí ọ̀tún wọlé tó ń gba ti òsì jáde: àwọn tí à ń fún ní ìmọ̀ràn ti rí òdìkejì rẹ̀ nílé.

Nítorí náà, ibi tó yẹ ká wò ni irú owó tó jẹ́. Owó tí ìyá wa dá sí alájẹṣẹ́kù, tirẹ̀ ṣì ni. Ó wà nínú ìwé lórúkọ rẹ̀, akọ̀wé tó gbà á ń jókòó sí ìpàdé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, bó bá fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́la, bí kò bá ti jẹ gbèsè, ó lè gba owó rẹ̀ padà. Ó sì ti ń dá a fún oṣù bíi mélòó kan kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó tó délẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù ibẹ̀ ò fara sin. Ẹni tó bá wọlé ti mọ iye rẹ̀ kó tó jókòó. Owó tí ọ̀rẹ́ wa san ò ní ìwé, kò ní ìjókòó, kò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ iye rẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fún un pé owó ti jáde.

Ohun kan wà tí èèyàn lè sọ tó máa fi ìyàtọ̀ hàn lójú ẹsẹ̀, kò sì gba òye òfin rárá. Ẹ sọ fún wọn pé: "Ẹ yọ ọ́ nínú owó náà."

Ẹ rò ó wò. Bí ẹnì kan bá ní ₦200,000 lọ́wọ́ tó fẹ́ fún mi, tí mo sì jẹ ẹ́ ní ₦3,500 owó fọ́ọ̀mù, kí ló dé tí kò lè fún mi ní ₦196,500? Kì í ṣe àbá lásán ni a ń dá. Ohun tí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti tọrọ ₦20,000 lọ́dọ̀ wọn tó jẹ́ pé ₦17,000 ló wọlé, nítorí wọ́n ti yọ èlé àti owó iṣẹ́ wọn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó korò, ó sì wọ́n, a sì lè bú wọn tó bá di ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tó bá ní owó tòótọ́ lọ́wọ́ kì í nílò tiwa kó tó gbé tirẹ̀ kalẹ̀.

A ní kí ọ̀rẹ́ wa kọ gbólóhùn yẹn ránṣẹ́ lójú wa. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà àwọn ò gbà á. Ó tún un kọ. Wọ́n ní òfin CBN ló kọ̀ ọ́. Kò sí òfin CBN kankan tó ní kí ẹni tó fẹ́ yá owó fi owó ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan kí wọ́n tó dá a lóhùn. Nígbà tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, "àǹtí mi" di "ìwọ ọmọ yìí", wọ́n sì ní àwọn máa fi ọlọ́pàá mú un nítorí pé ó ti buwọ́ lu ìwé. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ìwé wo ló buwọ́ lù? Owó wo ló gbà?

Ó tún ku ibì kan tí ì bá ti rí wọn. Nígbà tí a bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, tí a bá ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tán, báńkì máa ń fi orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì náà hàn wá kí a tó tẹ nọ́ńbà àṣírí wa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ọ̀rẹ́ wa rí orúkọ yẹn, orúkọ èèyàn ló sì ń jáde, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Àwọn orúkọ náà ò tilẹ̀ jọra: ẹni tó gba owó fọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí ẹni tó gba ti ìbánigbófò. Wọ́n ní akápò àwọn ni, wọ́n tún ní aṣojú àwọn ni. Nọ́ńbà méjì nínú àwọn àkáǹtì náà jẹ́ nọ́ńbà fóònù tí wọ́n yọ òdo iwájú rẹ̀ kúrò, bí àwọn kan nínú àwọn báńkì orí fóònù ṣe ń ṣe é. Èyí ò burú fún ẹni tó ń ta ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń yáni ní ₦500,000, tó ní òǹtẹ̀ pupa, yẹ kó ní àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀.

Ẹnì kan nínú wa bi í pé ṣé kò wo orúkọ wọn lọ́dọ̀ ìjọba ni. Ó wò ó. Láti 2022 ni àjọ FCCPC ti ń forúkọ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù sílẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé orúkọ wọn síta kí gbogbo ayé lè rí i. Orúkọ tí àwọn gbájúẹ̀ náà ń lò wà níbẹ̀. Wọ́n jí i ni. Ilé-iṣẹ́ tòótọ́ ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, kò sì mọ̀ wọ́n rí. Nítorí náà, ẹni tó bá rí orúkọ kan nínú ìwé FCCPC ò tíì parí iṣẹ́. Kó wá ilé-iṣẹ́ náà lọ fúnra rẹ̀, láti ibi tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí, kó má ṣe gba ọ̀nà nọ́ńbà tó wá bá a ní gúrúpù.

Ẹ jẹ́ ká mẹ́nu ba NELFUND, torí òun ni wọ́n ń fi ṣe ẹ̀wù jù báyìí. Òfin tó gbé ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀ dúró lónìí ni èyí tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìforúkọsílẹ̀ lórí ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Kò ní èlé. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Owó iléèwé ń lọ tààrà sí àkáǹtì iléèwé, ₦20,000 tí wọ́n ń fúnni lóṣù fún ìgbọ́bùkátà nìkan ló ń wọ àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wá wò ó: ẹni tó bá ní òun máa fi ₦10,000 bá yín "ṣí" ẹ̀yáwó NELFUND yín kí ₦300,000 lè wọ àkáǹtì yín, irọ́ méjì ló pa lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ohun tí à ń sanwó láti ṣí níbẹ̀, owó iléèwé yín kì í sì í gba ọwọ́ yín kọjá.

Ṣùgbọ́n a ò ní díbọ́n. Owó náà máa ń pẹ́, iléèwé ò sì sún gbèdéke síwájú nítorí rẹ̀. Àárín ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti forúkọ sílẹ̀ àti ìgbà tí owó dé ni àwọn oníjìbìtì ń kọ́ ilé sí. Iléèwé tó bá mọ̀ pé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú ìwé NELFUND, tó sì tún ń lé e jáde ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ń bá wọn dáko lọ́nà kan.

Owó nìkan kọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa. A fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé fọ́tò yẹn, òun sì ni ohun tó ń já wa láyà jù. BVN nìkan ò tó láti fa owó kúrò nínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti 2024, CBN ò gbà kí àkáǹtì kankan máa ṣiṣẹ́ láìní BVN tàbí NIN, èyí sì ti sọ BVN, NIN, ọjọ́ ìbí àti fọ́tò ojú ẹni tó mọ́ tónítóní di ọjà fún àwọn tó ń wá àkáǹtì tí kò ní gba orúkọ tiwọn. Àkáǹtì kan lè wà níbì kan báyìí tó ń jẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́ wa, tí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń fi ₦3,500 ránṣẹ́ sí. Ó ti lọ sí báńkì rẹ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gba ìwé òun lọ, kí ọ̀rọ̀ lè ní ọjọ́ lórí bí wọ́n bá wá bi í léèrè.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló sì ń jí i. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí bí ó bá tilẹ̀ bí àwọn kan nínú. Láàárín ọgbà wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà tó ń fi àkáǹtì wọn háyà. Ẹnì kan á ní kí wọ́n bá òun gba owó kan, kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n fi ìyókù ránṣẹ́ síwájú. Wọ́n á ní àwọn ò mọ ibi tí owó ti wá. Òfin 2006 tó dá lórí jìbìtì owó ìṣáájú, èyí tó gba ọ̀nà ibi tí ẹ̀ka 419 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti ń tọ̀ bọ̀, fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje ó kéré tán, títí dé ogún ọdún, lé ẹni tó bá fi irọ́ gba owó ẹlòmíràn, kò sì fi àyè sísan owó ìtanràn dípò sílẹ̀. Ẹni tó bá lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ wọn náà wà níbẹ̀. Kí ọlọ́pàá tilẹ̀ tó dé, báńkì lè kọ BVN onítọ̀hún sínú ìwé àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ nítorí jìbìtì, gbogbo báńkì á sì rí i. Nítorí ₦2,000. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ mẹ́rin tó jáde lójú fóònù ọ̀rẹ́ wa jọ ti ẹnì kan tí a mọ̀. A ò ní ẹ̀rí, nítorí náà a ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú yín, ìtìjú ló máa kọ́kọ́ pa á lára. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọ̀rẹ́ wa fi dúró kó tó pe báńkì rẹ̀. Owó tí a fi ránṣẹ́ lórí fóònù kì í lo ìṣẹ́jú kan kó tó dé, àwọn tó gbà á kì í sì í jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Bí a bá tètè pe báńkì wa, tí a fún wọn ní ọjọ́, àkókò, iye owó, nọ́ńbà àkáǹtì tó gbà á àti nọ́ńbà `Session ID` tó wà lórí rìsíìtì, wọ́n lè kọ̀wé sí báńkì kejì pé kí wọ́n ti ohun tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù la wí. Nígbà tí tiwa fi débẹ̀, kò sí ohunkóhun mọ́. Ó ṣì kọ ẹjọ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ó sì tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ, kò pa ìkankan rẹ́.

Àwa mẹ́rin la dá ₦18,500 kíláàsì jọ kí ọjọ́ tí wọ́n máa tẹ ìwé tó pé. Ó ń san án padà fún wa ní ₦2,500 lóṣù, ó ti san ẹ̀ẹ̀mẹta, a ò sì gba èlé. Ti àbúrò rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ó ti sọ fún kíláàsì rẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn kan bínú, wọ́n sì yan akápò mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ kọ̀wé sí i. Ó ní EFCC ni òun ti ń pè é, pé wọ́n ti mú àwọn tó lù ú ní jìbìtì, pé ₦41,500 rẹ̀ wà nílẹ̀ pérépéré, kó san ₦5,000 owó fáìlì kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí i. Iye owó náà pé, kò lé, kò dín. Ta ló sọ ọ́ fún wọn bí kì í bá ṣe àwọn tó gbà á?

Ó gbé fóònù náà wá sọ́dọ̀ wa, ó sì kọ èsì lójú wa: "Ẹ yọ ọ́ nínú owó náà." Wọ́n ti kà á. Wọn ò tíì fèsì.